Búlọ́ọ̀kù Lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: Ibo Ni Ọfà Fíríkíṣọ̀n Kọjú Sí?

Nínú gbogbo àwòrán ipá tí wọ́n máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ fìsíìsì yà, ti búlọ́ọ̀kù tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló dà bíi pé ó rọrùn jù. Òun náà ló sì máa ń tú àṣírí ẹni tí ohun tó ń yà kò tíì yé. Ipá tó wà lára búlọ́ọ̀kù náà kì í sábà ju mẹ́rin lọ, ìṣirò rẹ̀ kò sì kọjá sin àti cos. Síbẹ̀, tí mo bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ẹnì kan wò, n kì í kọ́kọ́ wo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ìwé. Ọfà tó dúró fún ipá kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń wò, àgàgà ọfà fíríkíṣọ̀n, ìyẹn ipá tí ojú nǹkan fi ń dènà yíyọ̀, torí pé tí ọ̀kan bá kọjú síbi tí kò yẹ, kò sí bí ìṣirò ṣe lè dáa tó tí ìdáhùn máa fi tọ̀nà, àfi tó bá ṣèèṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ṣoṣo, ká sì tú u palẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kan wúwo tó kílò 10. Ó wà lórí pákó tó dàgẹ̀rẹ̀, tó fi igun 30° gbéra nílẹ̀, tí apá ọ̀tún rẹ̀ sì ga ju apá òsì lọ. A so okùn mọ́ iwájú búlọ́ọ̀kù náà, okùn náà lọ ní ìbámu pẹ̀lú ojú pákó, ẹnì kan sì ń fi 30 N fà á lọ sókè. Búlọ́ọ̀kù náà ò kúrò lójú kan. Nọ́ńbà μ láàárín búlọ́ọ̀kù àti pákó, tó ń fi bí fíríkíṣọ̀n ṣe lè pọ̀ tó wé ipá tí pákó fi ń ti búlọ́ọ̀kù padà, jẹ́ 0.4 nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá dúró, ó sì jẹ́ 0.3 nígbà tó bá ń yọ̀ lọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: mélòó ni fíríkíṣọ̀n, ibo ló sì kọjú sí?

Kí ọwọ́ tó kan ìṣirò, àwòrán gbọ́dọ̀ wà. Búlọ́ọ̀kù nìkan ni mo máa ń yà. Pákó kì í sí nínú àwòrán yẹn. Tí ojú bá fẹ́ rí ibi tí pákó gbà, màá fi ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gé wẹ́wẹ́ ṣàmì rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé tí pákó bá wà níbẹ̀ gbàgàdà, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọfà sí ara pákó náà, àwọn ipá tó wà lára pákó á wá dà pọ̀ mọ́ ti ara búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù ń ti pákó, pákó náà ń ti búlọ́ọ̀kù. Méjèèjì jọ wà lóòótọ́, àmọ́ èyí tí pákó ń ṣe sí búlọ́ọ̀kù nìkan ló kàn wá.

Lẹ́yìn náà, ọfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tó ni ín. Ohun tí mo máa ń bi ọfà kọ̀ọ̀kan ni pé: "Kí ló ń fi ipá yìí sí búlọ́ọ̀kù lára?" Ìdáhùn gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí a lè nawọ́ sí. Ilẹ̀ ayé ń fa búlọ́ọ̀kù, ìwúwo nìyẹn, W. Okùn ń fà á, ìfà okùn nìyẹn, T. Ojú pákó ń tì í kúrò lára rẹ̀, ìtìpadà nìyẹn, R. Ojú pákó kan náà ń dì í mú kó má yọ̀, fíríkíṣọ̀n nìyẹn, f. Tí ẹnì kan bá tún ya ọfà karùn-ún tó pè ní "ipá tó ń mú un lọ sísàlẹ̀", ìbéèrè kan náà máa mú un: kí ló ń fi ipá yẹn sí i lára? Kò sí nǹkan kan. Apá kan lára ìwúwo ni, ó sì ti wà nínú ọfà W. Bákan náà ni m × a, ìyẹn kílò búlọ́ọ̀kù lọ́nà bí eré rẹ̀ ṣe ń yí padà, ò lè jẹ́ ọfà nínú àwòrán yìí, torí pé àbájáde gbogbo ipá lápapọ̀ ni, kì í ṣe ọ̀kan lára wọn.

Tí a bá ti mọ ohun tó ni ọfà kọ̀ọ̀kan, ó ku ibi tí ọfà náà kọjú sí. Ìwúwo ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, nígbà míì kí n tiẹ̀ tó ya búlọ́ọ̀kù pàápàá, torí pé ìwúwo ò mọ̀ bóyá pákó dàgẹ̀rẹ̀ tàbí kò dàgẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ gan-an ló ń lọ, ní ìbámu pẹ̀lú etí ìwé. Tí ẹ bá ti ya búlọ́ọ̀kù tó dàgẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ojú á fẹ́ tan yín jẹ, ọwọ́ á sì fẹ́ ya W kó gún ojú pákó ní igun 90°. Ẹ fi rúlà sí etí ìwé kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tí W ò bá lọ ní ìbámu pẹ̀lú etí ìwé tó wà lóòró, ẹ pa á rẹ́.

Ìtìpadà ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Òun gan-an ló máa ń dá igun 90° pẹ̀lú ojú pákó, ó sì máa ń kúrò lára pákó wọ inú búlọ́ọ̀kù. Nínú àwòrán tiwa, tí ọ̀tún ga, R á kọjú sókè, á sì tẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yà á lọ sókè gbọnrangandan, kó dojú kọ W, torí pé bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí búlọ́ọ̀kù wà lórí tábìlì. Ojú pákó lè tì, kò lè fà. Nítorí náà, tí ìṣirò bá mú R jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ohun tó ń sọ ni pé búlọ́ọ̀kù ti fò kúrò lórí pákó. Okùn yàtọ̀ sí èyí pátápátá: ó lè fà, kò lè tì. Ọfà T máa ń kúrò lára búlọ́ọ̀kù, á sì tẹ̀ lé okùn lọ.

Fíríkíṣọ̀n ni mo máa ń fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé orí ojú pákó ló máa gbà, yálà sókè tàbí sísàlẹ̀. Èwo nínú méjèèjì? Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń há sórí. Àwọn tó máa ń sọ pé "fíríkíṣọ̀n máa ń lọ sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" kàn ń rántí àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni, ìyẹn búlọ́ọ̀kù tí kò sí okùn lára rẹ̀.

Ká tó dé ibẹ̀, a máa pín ìwúwo sí méjì: apá tó gba ojú pákó lọ sísàlẹ̀, àti apá tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ pákó. Tí a bá lo 9.8 fún òòfà ilẹ̀, W = 10 × 9.8 = 98 N. Èwo ló ni sin, èwo ló ni cos? Ẹ lè fi igun mẹ́ta ya ẹ̀rí rẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ fọkàn yí pákó náà. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí igun di 0°. Kò sí ohun tó máa fa búlọ́ọ̀kù lọ síbì kankan mọ́, nítorí náà apá tó gba ojú pákó gbọ́dọ̀ di òfo. Nínú méjèèjì, sin ló ń di òfo ní 0°. Sin ló ni apá tó gba ojú pákó nìyẹn, cos ló sì ni apá tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ẹ tún gbé e nàró di 90°: kò sí ìtẹ̀mọ́ mọ́, cos náà sì di òfo. Ó ṣe wẹ́kú.

Ọ̀nà yìí sàn ju kéèyàn há a sórí lọ, torí pé nígbà míì wọ́n máa ń wọn igun láti ara ògiri dípò ilẹ̀. Pákó tó fi igun 60° kúrò lára ògiri ló fi 30° kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ti há "sin ló ń lọ sísàlẹ̀" sórí á kọ sin 60° láìrò ó wò. Ẹni tó fọkàn yí pákó á rí i lójú ẹsẹ̀ pé tí igun ara ògiri bá di òfo, pákó ti nàró nìyẹn, ìwúwo sì ti bọ́ sójú pákó tán.

Fún tiwa:

```
W sin 30° = 98 × 0.500 = 49.0 N   (lọ sísàlẹ̀ lójú pákó)
W cos 30° = 98 × 0.866 = 84.9 N   (wọ inú pákó)
```

Ohun kan wà tí mi ò ní yéé sọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pín W sí méjì, ẹ má ṣe fi W àti àwọn apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà tó nípọn bákan náà. Ẹni tó bá wá ka àwòrán náà, tó lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, á ka ìwúwo lẹ́ẹ̀mejì. Èmi máa ń fi ìlà tó ń gé wẹ́wẹ́ ya àwọn apá náà, tàbí kí n ya àwòrán kejì tí W ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Tí ìdáhùn bá tóbi jù láìnídìí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Okùn lọ ní ìbámu pẹ̀lú ojú pákó, kò sì ti búlọ́ọ̀kù wọnú pákó tàbí gbé e kúrò lórí rẹ̀. Nítorí náà, R nìkan ló dojú kọ 84.9 N, R = 84.9 N.

Ó wá ku fíríkíṣọ̀n. Bí mo ṣe máa ń wá ojú tó kọ sí ni pé màá mú un kúrò. Ká ní a da epo sójú pákó tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ìdènà kankan mọ́, ibo ni búlọ́ọ̀kù máa gbà? 49 N ń fà á lọ sísàlẹ̀, okùn ń fi 30 N fà á lọ sókè. Ìsàlẹ̀ borí pẹ̀lú 19 N. Ìsàlẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ì bá yọ̀ lọ, torí náà òkè ni fíríkíṣọ̀n kọjú sí. Kí búlọ́ọ̀kù lè dúró, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 19 N gan-an.

Ṣé ojú pákó lè pèsè 19 N? Èyí tó pọ̀ jù tó lè pèsè ni 0.4 × 84.9, tó fi díẹ̀ dín sí 34 N. 19 kéré sí 34, torí náà ó lè ṣe é, ọ̀rọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ò kúrò lójú kan sì bára mu. Ká ní ohun tí a nílò ju 34 lọ ni, ọ̀rọ̀ pé búlọ́ọ̀kù dúró á ti di irọ́, a ó sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe bíi ti búlọ́ọ̀kù tó ń yọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibi tá a dé yìí. Bí wọ́n bá ti rí μ, wọ́n á ti kọ f = μR, wọ́n á sì fi 34 N sínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn máa bí. Okùn ń fi 30 fà á lọ sókè, fíríkíṣọ̀n ń fi 34 tì í lọ sókè, ìwúwo ń fi 49 fà á lọ sísàlẹ̀. Ó ku 15 N tó kọjú sókè. Ìyẹn ni pé búlọ́ọ̀kù tó dúró jẹ́ẹ́ á ṣàdédé máa gun pákó lọ, fíríkíṣọ̀n á sì wà lára ohun tó ń tì í. Kò sí irú ẹ̀. Fíríkíṣọ̀n lórí pákó tó dúró lójú kan kò lè bẹ̀rẹ̀ ìrìn fún búlọ́ọ̀kù. Ohun tó bá ń fẹ́ mú un yọ̀ ló ń dojú kọ, kì í sì í kọjá iye tí ìyẹn bá jẹ́. μR kì í ṣe iye fíríkíṣọ̀n nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá dúró. Òpin rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi okùn ṣeré, torí ibẹ̀ ni ọfà yìí ti máa ń fi ìwà rẹ̀ hàn. Kí ẹni tó ń fà á fi kún agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 40 N, fíríkíṣọ̀n á dín kù sí 9 N, á ṣì kọjú sókè. Ní 49 N, okùn nìkan ti gbé ẹrù náà tán, fíríkíṣọ̀n di òfo, ọfà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú àwòrán bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú pákó ò dán. Ní 60 N, tí a bá tún mú fíríkíṣọ̀n kúrò, òkè ni búlọ́ọ̀kù ì bá gbà, pẹ̀lú 11 N. Fíríkíṣọ̀n ti yíjú padà nìyẹn: 11 N, ó kọjú sísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ò tíì yẹsẹ̀ ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹni tó kàn ń wòran ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ ọfà kan ti kéré, ó ti pòórá, ó sì ti yọ lódìkejì.

Ibo ni yóò ti kúrò lójú kan? Lápá ìsàlẹ̀, ìgbà tí okùn bá dín ju 49 − 34 lọ, ìyẹn 15 N. Lápá òkè, ìgbà tó bá ju 49 + 34 lọ, ìyẹn 83 N. Láàárín 15 sí 83, ó dúró. Ààlà yìí ló jẹ́ kí n máa sọ pé, nínú ìbéèrè tí okùn bá wà, ẹ má fi ọwọ́ kan ọfà fíríkíṣọ̀n títí ẹ ó fi fi T wé W sin θ, tí θ jẹ́ igun tí pákó fi gbéra nílẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n kàn yan apá kan, kí wọ́n ṣe ìṣirò, kí wọ́n sì jẹ́ kí àmì ìyọkúrò sọ fún wọn bí wọ́n bá yàn òdì. Fún búlọ́ọ̀kù tó dúró, kò burú. Ẹ sọ pé òkè ni f kọjú sí, kí T jẹ́ 60: f = 49 − 60 = −11. Iye rẹ̀ tọ̀nà, ọfà ló yẹ ká yí padà. Àmọ́ àrà yìí ò ṣiṣẹ́ fún búlọ́ọ̀kù tó ń yọ̀, ẹ̀tàn ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tó bá ń yọ̀, a ti kọ f = 0.3 × 84.9 = 25.5 N sílẹ̀, iye rẹ̀ ò sì ní yí padà mọ́. Tí ojú tó kọ sí bá jẹ́ òdì, gbogbo ìdáhùn ló ti bàjẹ́, kì í ṣe àmì nìkan.

Ẹ padà sórí okùn 30 N, ká díbọ́n pé wọn ò sọ fún wa pé búlọ́ọ̀kù dúró. Ẹnì kan ní ó ń gbéra lọ sókè láti ibi tó wà. Fíríkíṣọ̀n á kọjú sísàlẹ̀ nìyẹn: 30 − 49 − 25.5 = −44.5 N. Ó wá sọ pé, "Ó dáa, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, pẹ̀lú 44.5 N." Irọ́ ni, torí pé tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń lọ, fíríkíṣọ̀n ò lè kọjú sísàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ya àwòrán tuntun. Tó bá yà á, tó fi ìsàlẹ̀ ṣe apá rere: 49 − 30 − 25.5 = −6.5 N. Èyí náà lòdì sí ara rẹ̀. A ní ó gbéra lọ sókè, kò bára mu. A ní ó gbéra lọ sísàlẹ̀, kò bára mu. Ó dúró nìyẹn, 19 N tá a rí lẹ́ẹ̀kan ló sì tọ̀nà. Tí ẹ bá gbìyànjú apá méjèèjì tí méjèèjì kọ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹ ṣi ìṣirò ṣe. Ohun tí ìdọ́gba ń sọ fún yín ni pé nǹkan náà ò lọ síbì kankan.

Mo sọ pé "ó gbéra láti ibi tó wà" nítorí pé búlọ́ọ̀kù tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ ò sí lábẹ́ àyẹ̀wò yìí. Ẹ tú okùn kúrò, kẹ́ ẹ ti búlọ́ọ̀kù náà sókè kí eré rẹ̀ jẹ́ 3 m/s, kẹ́ ẹ sì yọwọ́. Òkè ló ń lọ, torí náà ìsàlẹ̀ ni fíríkíṣọ̀n kọjú sí, níbi tí apá ìwúwo náà kọjú sí. Àwọn méjèèjì jọ ń fà á sẹ́yìn: 49 + 25.5 = 74.5 N. Pín in sí kílò 10, eré rẹ̀ á máa dín kù ní 7.45 m/s². Kò sí ọfà kankan tó kọjú sókè lójú pákó, bẹ́ẹ̀ òkè ló ń lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fi tipátipá wá ọfà kan tó ń "gbé e lọ", torí pé ó dà bíi pé nǹkan tó ń lọ sókè gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń tì í sókè. Ọwọ́ tó tì í ti kúrò lára rẹ̀. Eré tó kù lára rẹ̀ kì í ṣe ipá.

Lẹ́yìn nǹkan bí 0.40 s, ní nǹkan bí 60 sẹ̀ńtímítà sókè, ó dúró. Àwòrán àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé yóò dúró síbẹ̀? Ó nílò 49 N kó lè dúró, 34 N ni òpin ohun tí pákó lè pèsè. Kò ní dúró. Bó ṣe ń padà sísàlẹ̀, fíríkíṣọ̀n yíjú sókè: 49 − 25.5 = 23.5 N, ìyẹn 2.35 m/s². Nǹkan bí 0.72 s ni yóò fi rìn 60 sẹ̀ńtímítà yẹn padà, eré rẹ̀ nígbà tó bá dé ibi tó ti gbéra ò sì ní tó 1.7 m/s. Tí ẹnì kan bá lo àwòrán kan náà fún àlọ àti àbọ̀, àkókò méjèèjì á dọ́gba lọ́wọ́ rẹ̀, eré tó fi lọ ni yóò sì fi padà. Ẹ fi ìyẹn mọ̀ ọ́n: tí fíríkíṣọ̀n bá wà, àbọ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ ju àlọ lọ.

Nípa yíyẹ àwòrán wò, ọ̀nà méjì ni mo máa ń lò tí búlọ́ọ̀kù bá dúró. Èkíní ò nílò ìṣirò rárá. Ẹ mú ìwọ̀n kan, ká ní sẹ̀ńtímítà 1 dúró fún 10 N, kẹ́ ẹ wá ya àwọn ọfà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìdí èyí tó tẹ̀ lé e máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu èyí tó ṣáájú. Fún okùn 30 N: W jẹ́ 9.8 sẹ̀ńtímítà sísàlẹ̀, R jẹ́ 8.5 sẹ̀ńtímítà sókè tó tẹ̀ sí òsì, T jẹ́ 3 sẹ̀ńtímítà lójú pákó, f sì jẹ́ 1.9. Ẹnu ọfà tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ padà bá ìdí W. Tó bá ṣẹ́ ku àlàfo, ẹ wọn àlàfo náà. Ká ní fíríkíṣọ̀n lẹ yà sódì, àlàfo yẹn á jẹ́ sẹ̀ńtímítà 3.8, ìlọ́po méjì f gan-an, á sì tẹ̀ lé ojú pákó. Àlàfo tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì ọfà kan, tó sì gba ọ̀nà ọfà yẹn, ti dárúkọ ọ̀daràn.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ fi òòró àti ìbú yẹ ohun tí ẹ fi ojú pákó ṣirò wò. Lóòró, R ń gbé 84.9 × 0.866 = 73.5 N, T àti f jọ ń gbé 49 × 0.5 = 24.5 N. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 98 N, ìwúwo gan-an. Níbùú, R ń tì í sí òsì pẹ̀lú 42.4 N, T àti f ń mú un lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú 49 × 0.866, tí òun náà jẹ́ 42.4 N. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn èyí ni pé kò lo ìpín ìwúwo tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣi sin àti cos lò fún W, àṣìṣe náà ò lè fara pamọ́ níbí.

Ohun kan ló kù tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tọ̀nà, kò sì jẹ mọ́ fíríkíṣọ̀n ní tààràtà: kíkọ R = W cos θ láìwo àwòrán. Ó tọ̀nà nígbà tí kò bá sí okùn tàbí ìtì kankan, tàbí tí okùn bá ń lọ ní ìbámu pẹ̀lú ojú pákó nìkan. Ẹ yọ okùn, kí ẹnì kan wá máa ti búlọ́ọ̀kù náà láti apá òsì, níbùú gan-an, pẹ̀lú 50 N. Ìtì yẹn kò bá ojú pákó lọ, torí náà a máa pín òun náà. 50 × 0.866 = 43.3 N ló gba ojú pákó lọ sókè, 50 × 0.5 = 25 N sì ń tẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ pákó. R wá di 84.9 + 25 = 109.9 N, ó ju ìwúwo búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lọ. Kò sí aburú níbẹ̀: ẹni tó ń tì í ń fi kún ohun tí pákó ní láti tì padà. Ká ní okùn ni, tó sì yọ sókè kúrò lójú pákó, R ni ì bá dín kù, òpin fíríkíṣọ̀n ì bá sì bá a dín kù.

Ẹ mú fíríkíṣọ̀n kúrò bíi ti tẹ́lẹ̀. 49 sísàlẹ̀, 43.3 sókè, ìsàlẹ̀ ṣì borí díẹ̀. Nítorí náà f jẹ́ 5.7 N, ó kọjú sókè, ó sì kéré gan-an sí òpin rẹ̀ tuntun, tó ti gòkè dé 44 N. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóòró: 109.9 × 0.866 + 5.7 × 0.5 = 95.2 + 2.85, ó tó 98 N. Níbùú, ìtì àti fíríkíṣọ̀n kọjú sí ọ̀tún, 50 + 4.9, R sì ń fi 54.9 N tì í sí òsì. Ẹni tó bá kọ R = 84.9 N síbẹ̀ á rí i pé òsì kò ju 42.4 N lọ nígbà tí ọ̀tún jẹ́ 54.9, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé búlọ́ọ̀kù náà dúró.